Ṣé Omi Tí Wọ́n Kọ Sórí Ìwé Yìí Lè Ṣàn?

Bí ẹnì kan bá kọ fọ́múlà méjì yìí síwájú yín, u = x + 2y àti v = 4x − y, tí ó sì ní omi tó ń ṣàn ni òun kọ yẹn, ẹ má tètè gbà fún un. Kì í ṣe gbogbo fọ́múlà ló lè jẹ́ omi. Àwọn kan ń pọn omi jáde níbi tí kò sí orísun, àwọn mìíràn ń gbé omi mì níbi tí kò sí ihò. Ìṣirò kékeré kan wà tí ó máa ń tú wọn láṣìírí. Èyí tí ó bá sì yege nínú wọn, a lè pa fọ́múlà rẹ̀ méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo, tí yóò máa sọ ọ̀nà tí omi ń gbà fún wa, tí yóò sì máa sọ iye omi tó ń gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn lẹ́tà náà dúró fún. Ẹ fojú inú wo omi kan tí ó tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà kan níbi gbogbo, tí èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ sì jọ ń rìn pọ̀. A mú ibì kan láàárín rẹ̀, a pè é ní òdo. x ni iye mítà tí a rìn kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, y ni iye tí a rìn lọ sí àríwá. Bí a bá gba ìwọ̀-oòrùn tàbí gúúsù lọ, nọ́ńbà náà á gba àmì àyọkúrò. u ni eré tí omi ń sá sí ìlà-oòrùn, v ni èyí tí ó ń sá sí àríwá, mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan la sì fi ń wọn méjèèjì. Níbi tí x ti jẹ́ 1 tí y sì jẹ́ 2, u jẹ́ 5, v jẹ́ 2. Omi ibẹ̀ kọrí sí ìlà-oòrùn, ó ń yà díẹ̀ sí àríwá, eré burúkú ló sì ń sá. Níbi òdo gan-an, u àti v jẹ́ òdo, omi ibẹ̀ kò lọ síbì kankan. A ó padà dé orí ibẹ̀ láìpẹ́.

Omi tí kò ṣeé fún pọ̀ dà bí dánfó tó ti kún dé ẹnu ọ̀nà: kò sí ẹni tó lè wọlé àfi bí ẹlòmíràn bá bọ́lẹ̀ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́ńdọ́kítọ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀). Ohun tí a fẹ́ wádìí nìyẹn. Ẹ fa àpótí kan sínú omi wa, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan: láti x = 2 dé x = 3, láti y = 1 dé y = 2. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, u bẹ̀rẹ̀ láti 4 ní ìsàlẹ̀, ó dé 6 lókè, ìdajì ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ 5. Nítorí pé jíjìn omi jẹ́ mítà kan, kúbíkì mítà 5 ló ń gba ibẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn, u lọ láti 5 dé 7, nítorí náà 6 ló ń jáde. Bí a bá dúró síbẹ̀, à bá ní omi inú àpótí ń dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo gúúsù àti àríwá. Láti gúúsù, v jẹ́ 7 ní igun kan, ó jẹ́ 11 ní igun kejì, 9 ni ó ń wọlé. Ní àríwá, ó lọ láti 6 dé 10, 8 ni ó ń jáde. Èyí tó wọlé jẹ́ 5 àti 9, àpapọ̀ rẹ̀ 14. Èyí tó jáde jẹ́ 6 àti 8, òun náà 14. Ohun tí omi pàdánù ní ọ̀nà kan ló rí gbà padà ní ọ̀nà kejì.

Àpótí kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí, ẹ̀dá kò sì lè ka gbogbo àpótí tó wà nínú omi tán. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi sọ àpótí náà di kékeré títí tí ó fi kù bíńtín, tí wọ́n sì béèrè ìbéèrè méjì. Bí a bá sún díẹ̀ sí ìlà-oòrùn tí a kò yí y padà, báwo ni u ṣe ń pọ̀ sí i? Wọ́n ń kọ èyí báyìí: ∂u/∂x. Bí a bá sún díẹ̀ sí àríwá tí a kò yí x padà, báwo ni v ṣe ń pọ̀ sí i? Èyí ni ∂v/∂y. Bí àpapọ̀ méjèèjì bá jẹ́ òdo níbi gbogbo, omi náà kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù níbì kankan:

∂u/∂x + ∂v/∂y = 0

Nínú u = x + 2y, bí x bá fi 1 lé, u á fi 1 lé; 2y kò dá sí i, nítorí y dúró sójú kan. Nínú v = 4x − y, bí y bá fi 1 lé, v á fi 1 dín. 1 àti −1 jẹ́ òdo. Kò sí x tàbí y kankan tó kù nínú ìdáhùn náà, nítorí náà òdo ni níbi gbogbo. Ó yege.

Ẹ wá yí àmì kan ṣoṣo padà, kí v di 4x + y. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ∂v/∂y ti di 1, àpapọ̀ sì di 2. Ẹ padà sí àpótí wa: 5 àti 11 wọlé, 6 àti 12 jáde. 16 wọlé, 18 jáde. Kúbíkì mítà omi méjì ń yọ láti inú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, káàkiri gbogbo odò náà. Iyen kì í ṣe odò mọ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé omi gidi kò ṣeé fún pọ̀ ni? Ó ṣeé fún pọ̀ o. Bí kò bá ṣeé fún pọ̀ rárá, ìró kì bá lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kódà ní ìsàlẹ̀ òkun tó jìn tó mítà 4,000, pẹ̀lú gbogbo ẹrù omi tó wà lórí rẹ̀, fífúnpọ̀ náà kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Afẹ́fẹ́ rọrùn láti fún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, síbẹ̀ bí eré rẹ̀ kò bá ju nǹkan bí 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a lè fi ìṣirò yìí bá a lò láìsí àṣìṣe tó pọ̀. Ohun tí a ń yẹ̀ wò ni bí nǹkan náà ṣe ń ṣàn, kì í ṣe irú nǹkan tí ó jẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yege. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń sá eré tó súnmọ́ ti ìró kò yege.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ẹyọ fọ́múlà tó lè rọ́pò méjì ni Joseph-Louis Lagrange, nínú ìwé tí ó kọ lórí bí ohun olómi ṣe ń rìn ní 1781, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀rílíìnì. Ohun tí ó rí rọrùn bí a bá ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a fún ibi kọ̀ọ̀kan nínú omi ní nọ́ńbà kan, kí a pè é ní nọ́ńbà ìṣàn. Lẹ́tà Gíríìkì kan ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ψ, tí wọ́n ń pè ní sáì. A fẹ́ kí nọ́ńbà yìí ṣe ohun méjì: kí bí ó ṣe ń pọ̀ sí i bí a bá ń lọ sí àríwá jẹ́ u gan-an, kí bí ó ṣe ń dín kù bí a bá ń lọ sí ìlà-oòrùn sì jẹ́ v gan-an. Lórí ìwé:

u = ∂ψ/∂y, v = −∂ψ/∂x

Àmì àyọkúrò yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Òun ló mú kí ∂u/∂x àti ∂v/∂y máa pa ara wọn rẹ́ fúnra wọn, èyíkéyìí tí ψ ìbáà jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ψ kò ní ìdí láti yẹ ohunkóhun wò mọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti u àti v ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bí wọn kò bá yege, kò sí ψ kankan tó lè bí wọn.

Báwo wá ni a ṣe ń rí i? A ó gba u mú, a ó sì rìn padà sẹ́yìn, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní íńtígíréṣọ̀n. Nọ́ńbà wo ni bí ó ṣe ń pọ̀ sí àríwá jẹ́ x + 2y? Apá x wá láti xy, apá 2y wá láti y². Nítorí náà ψ = xy + y². Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á dá kálámù dúró síbí, wọ́n á sì fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn. Kò tíì parí. Nígbà tí a ń wo bí ψ ṣe ń yí bí a ti ń lọ sí àríwá, x dúró sójú kan. Ohunkóhun tó jẹ́ ti x nìkan nínú ψ, ojú wa kò lè tó o láti ìhà yẹn. Ó lè jẹ́ 7, ó lè jẹ́ x³, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. A gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un, kí a kọ ọ́ báyìí: ψ = xy + y² + f(x), kí a sì bi v léèrè ohun tí f jẹ́.

Bí ψ ṣe ń yí sí ìlà-oòrùn jẹ́ y + f′(x), níbi tí f′(x) ti jẹ́ bí f fúnra rẹ̀ ṣe ń yí. Bí a bá fi àmì àyọkúrò síwájú rẹ̀, v ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́: −y − f′(x) = 4x − y. Ẹ wò ó bí −y ṣe wà ní apá méjèèjì, tí ó sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Ohun tó kù ni f′(x) = −4x, èyí sì fún wa ní f(x) = −2x². A ti rí i:

ψ = xy + y² − 2x²

Kí a tó gbà á, kí a yẹ̀ ẹ́ wò láti ìhà méjèèjì. Sí àríwá, ó ń yí bí x + 2y: u nìyẹn. Sí ìlà-oòrùn, ó ń yí bí y − 4x, tí a bá yí àmì rẹ̀ padà ó di 4x − y: v nìyẹn. Ẹni tí ó bá gbàgbé f, ibí yìí ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú, nítorí v rẹ̀ á di −y lásán. Ẹ lè fi nọ́ńbà èyíkéyìí kún ψ, bíi 10 tàbí 100. Kò ní yí omi náà padà, gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga òkè kò ṣe yí òkè náà padà.

Bí a bá fi èké inú fọ́múlà wa kejì, v = 4x + y, ṣe iṣẹ́ kan náà ńkọ́? A ó dé ibi kan náà, ψ = xy + y² + f(x), ìṣirò á sì máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, v á fún wa ní f′(x) = −4x − 2y. A ti ní x nìkan ni f mọ̀. Y wo ló wá wọ inú rẹ̀ yìí? Bí y bá kọ̀ láti kúrò níbẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá fọ́múlà náà kò yege láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí a ṣi ìṣirò ṣe lọ́nà. Èmi fẹ́ràn ibí yìí ju ìdánwò àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tó sáré kọjá ìdánwò yẹn ṣì máa kọsẹ̀ níbí.

Wàyí o, kí ni ψ ń sọ fún wa tí u àti v kò sọ? Ẹ tọ ibi tí nọ́ńbà ìṣàn kò ti yí padà, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tí omi ń gbà gan-an ni. Omi kì í kọjá láti ibi tí ψ ti jẹ́ 4 sí ibi tí ó ti jẹ́ 5. Nítorí náà, bí a bá fa gbogbo ìlà tí ψ wọn kò yí padà, àwòrán odò ti yọ. Fún tiwa, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ψ ti jẹ́ òdo. xy + y² − 2x² ṣeé pín sí méjì: (y − x)(y + 2x). Òdo ni nígbà tí y bá jẹ́ x, tàbí nígbà tí y bá jẹ́ −2x. Ìlà tààrà méjì ni wọ́n, ojú òdo tí omi kò ti rìn ni wọ́n sì ti pàdé. Lórí ìlà y = x, u àti v jẹ́ 3x, ìyẹn ni pé omi ń sá kúrò ní òdo níhà méjèèjì. Lórí y = −2x, u jẹ́ −3x, v jẹ́ 6x, omi ń bọ̀ wá sí òdo. Àwòrán náà ti hàn: omi ń wọlé láti ìhà méjì lórí ìlà kan, ó forí gbárí, ó pínyà, ó sì gba orí ìlà kejì jáde. Èyí tó kù ń tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ gba àárín àwọn ìlà náà.

Ọ̀kan nínú wọn ni ìlà tí ψ rẹ̀ jẹ́ 4. Ó gba ibi (0, 2) kọjá, níbi tí omi ti ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù. Ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí y ti jẹ́ bíi 1.89, ó gbéra, ó sì tún gba (1, 2) lọ sókè. Ẹ fi fọ́múlà yẹ̀ ẹ́ wò: ní (1, 2), 2 + 4 − 2 jẹ́ 4.

Ìkejì ni iye omi. Bí ìlà kan bá ní nọ́ńbà 1, tí òmíràn ní 4, ìyàtọ̀ wọn, 3, ni iye kúbíkì mítà tó ń gba àárín wọn kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti (0, 1) dé (0, 2), u lọ láti 2 dé 4, ìdajì ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 3, gígùn ibẹ̀ jẹ́ mítà kan. Mẹ́ta gan-an. Láti (0, 1) dé (1, 2) ńkọ́? Ọ̀nà ibẹ̀ dagun, eré omi sì ń yí níbi gbogbo. Kò kàn wá: 4 yọ 1, 3 náà ni. Bí a bá sì wo ìlà láti (0, 2) sí (1, 2), 4 yọ 4 jẹ́ òdo. Kì í ṣe pé omi kò gba ibẹ̀. Iye tó sọ̀kalẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni ó tún gòkè ní apá ìlà-oòrùn. Níbi tí ìlà bá ti súnmọ́ra, omi ń sáré. Níbi tí wọ́n bá ti fẹjú síra wọn, ó ń fà.

Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ òkun fi ń sọ̀rọ̀ nípa omi tó ń gba àárín Fúlọ́rídà àti erékùṣù Bàhámà. Omi kì í wọ inú ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí náà etí òkun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà ìṣàn, ψ kan ṣoṣo ni ó ní láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín etíkun méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kúbíkì mítà 32 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà tẹlifóònù tó wà lábẹ́ òkun wọ̀n ọ́n, nítorí omi iyọ̀ tó ń sá kọjá nínú agbára mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ayé máa ń gbé iná díẹ̀díẹ̀ sínú wáyà náà. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ka ìwé wọn: ibi tí wọ́n fi àmì àyọkúrò sí yàtọ̀ sí tiwa. Tiwa máa ń fi nọ́ńbà tó pọ̀ sí ọwọ́ òsì ẹni tó bá kọjú sí ibi tí omi ń lọ. Tiwọn máa ń fi í sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á rí odò tó ń ṣàn sẹ́yìn.

Ohun kan ṣì wà tí ìdánwò wa kò lè rí. Ẹ ronú nípa bọ̀hóólù kan tó ń fa omi láti inú ìyanrìn abẹ́ ilẹ̀. Omi ń bọ̀ láti ìhà gbogbo, bí ó bá sì ti ń súnmọ́ páìpù ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí a bá fi ibi páìpù ṣe òdo, tí u àti v sì dúró fún iye omi tó ń gba ilẹ̀ kọjá, fọ́múlà rẹ̀ ni u = −mx/(x² + y²) àti v = −my/(x² + y²), níbi tí m ti jẹ́ nọ́ńbà tó dá lórí agbára ẹ̀rọ náà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ∂u/∂x àti ∂v/∂y pa ara wọn rẹ́ pátápátá. Ó yege. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé omi ń jáde kúrò nínú ilẹ̀ yìí! Ibi tí ó ti ń jáde ni òdo, ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ni fọ́múlà kò ti ní ìtumọ̀, nítorí a kò lè fi òdo pín ohunkóhun. Àpótí tí páìpù kò sí nínú rẹ̀ á dọ́gba. Àpótí tó bá yí páìpù ká, omi á wọlé, kò ní jáde.

ψ ló ń jẹ́wọ́ ohun tí ìdánwò fi pamọ́. Bí a bá ṣe íńtígíréṣọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà ìṣàn di −m tí a fi sọ igun tí a bá dúró sí di púpọ̀, bí a ṣe ń yí bọ̀hóólù náà ká. Ẹni tó bá rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan tí ó sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ á rí i pé ψ kò padà sí iye tí ó wà tẹ́lẹ̀; ó ti fi m tí a fi nǹkan bíi 6.28 sọ di púpọ̀ dín kù. Ibì kan, nọ́ńbà méjì. Ohun tí àwọn tó ń ya irú àwòrán yìí ń ṣe ni pé wọ́n á fa ìlà gígé kan láti ibi páìpù lọ sí ẹ̀yìn, wọ́n á sì gbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ψ rẹ̀ kọjá lórí ìlà náà. Iye tí ψ fi fò lórí ìlà gígé yẹn kì í ṣe àṣìṣe: omi tí ẹ̀rọ ń fà ni, fún mítà kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ olómi. Bí ìyanrìn olómi náà bá nípọn tó mítà 10, tí ẹ̀rọ sì ń fa lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá mẹ́wàá lítà kan ni ψ yóò fi fò, ibi yòówù kí a gé e sí.